Káàdì Tó Dákẹ́: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìdàgbà Ọmọ Tí A Bí Láìpé Oṣù Wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ ń bọ̀ wá sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣoṣo kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin ni. Ìyá rẹ̀ gbé e wá sí ibùdó ìlera kan ní Ìkéré-Èkìtì ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2025, fún abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, wọ́n sì ti wọ súwẹ́tà, fìlà olówùú àti ìbọ̀sẹ̀ fún un. Mo to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti ara irú àwọn ọmọ tí a sábà máa ń rí ni, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó. Mo yàn án nítorí pé gbogbo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í ló pé sí i lára: a bí i láìpé oṣù, ìwúwo rẹ̀ kò tíì bọ́ sísàlẹ̀ ìlà pupa, okùn ìwọ̀n apá rẹ̀ dúró lórí àwọ̀ ewé, kò sì tíì lè dá jókòó. Ẹni tó bá kánjú lè ní kò sóhun tó ṣe é, ẹlòmíì tó bá kánjú lè ní ọmọ náà ti rù, ọpọlọ rẹ̀ sì ti pẹ́. Àwọn méjèèjì ló máa ṣì í.

Ọjọ́ orí kí a tó fọwọ́ kan síkéèlì

Ẹ má béèrè oṣù ọmọ lẹ́nu ìyá kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ó ti ń lọ sí mẹ́wàá" lè jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wo ọjọ́ ìbí lára káàdì, kí ẹ sì kà á síwájú. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n bí ọmọ wa. Láti ọjọ́ náà dé ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, ó wá ku ọjọ́ 14. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni, tí a bá ka ọjọ́ tó jáde sáyé.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé: "Ṣé oṣù pé kí ẹ tó bí i?" Ìyá ọmọ yìí dáhùn pé, "Oṣù mẹ́jọ ni mo bí i." Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹni kan ń ka oṣù láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ẹlòmíì ń kà á láti ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé ó lóyún, nítorí náà "oṣù mẹ́jọ" lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pamọ́. Ẹ ní kó fún yín ní káàdì ìgbà oyún, kí ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìbímọ. Lórí káàdì tirẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni wọ́n kọ. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹta dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin jẹ́ ọjọ́ 42, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Níwọ̀n bí oyún tó pé ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ 40, ọ̀sẹ̀ 34 ni wọ́n bí ọmọ yìí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ọjọ́ orí tí a tún ṣe, ìyẹn èyí tí a ti yọ ọ̀sẹ̀ tí kò pé nínú oyún kúrò, ni kí ẹ gbàgbé ọjọ́ ìbí díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìbímọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin dé ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, oṣù mẹ́jọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, oṣù mẹ́jọ ni a ó fi wo ìwúwo rẹ̀, gígùn rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó lè ṣe. Títí ọmọ tí a bí láìpé oṣù yóò fi pé ọdún méjì ni a ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí nínú àyọkúrò yìí o. Ọjọ́ tí ọmọ jáde sáyé gan-an ni a fi ń fún un ní abẹ́rẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìṣirò yìí dáadáa, tó wá ní kí ìyá gbé ọmọ lọ sílé, pé oṣù mẹ́sàn-án rẹ̀ kò tíì pé, kó padà wá gba abẹ́rẹ́ èèyí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èèyí sì lè ṣe ọmọ tí a bí láìpé oṣù léṣe gan-an.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣeré kí ẹ tó bọ́ aṣọ rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ibi, síkéèlì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ lé. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ẹ bọ́ sí ìhòòhò nínú ọyẹ́, tí ẹ so rọ̀ sára ìkọ́, tí ẹ tún na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, kò ní bá yín ṣeré mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni yóò máa sun, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í rẹ́rìn-ín, pé kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kó ti jẹun, kó má ti máa tòògbé. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó lórí àga kúkúrú kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ẹ máa bá ìyá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa fi ojú igun wo ọmọ.

Ohun èlò tí mo máa ń lò kò pọ̀: ṣíbí irin kan, agolo mílíìkì tí mo fi àgbàdo díẹ̀ sí tí mo sì ti ẹnu rẹ̀ pa dáadáa, àti ìrépé aṣọ aláwọ̀ pupa. Mo na ṣíbí sí ọmọ wa. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó fọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó tì í bọ ẹnu, ó wá gbé e bọ́ sí ọwọ́ òsì. Èyí ṣe pàtàkì: ọwọ́ méjèèjì ló ń lò. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba ohun gbogbo, kódà tí ẹ gbé nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má yọ̀ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni yóò jẹ́. Ẹ yẹ ọwọ́ kejì wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀ jù, torí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ náà kò ṣiṣẹ́.

Ṣíbí bọ́ sílẹ̀, ọmọ tẹ̀ síwájú láti wá a. Ó ti mọ̀ pé ohun tó kúrò lójú kò tíì kúrò láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí i, ó mi agolo díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún, ọmọ sì yíjú síbẹ̀ nígbà méjèèjì. Ó ń sọ "bàbàbà" fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo nawọ́ pé kí n gbé e, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rù àlejò nìyẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní ọjọ́ orí yìí.

Ó wá ku ìjókòó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń kọ́ ọmọ ní ìjókòó: a ó fi aṣọ tàbí ìrọ̀rí há a láàárín, gbogbo ilé á sì sọ pé ọmọ ti jókòó. Bí ẹ bá béèrè pé, "Ṣé ó ti ń jókòó?", ìyá yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì parọ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni: "Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sórí ẹní lásán, tí ẹ wá yọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Ohun tí a ń pè ní dídá jókòó ni pé kí ọmọ jókòó, kí orí rẹ̀ dúró gangan, kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe tẹlẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán. Ọmọ wa tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó sì wó sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò tíì dá jókòó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé wo àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, Gánà sì wà lára wọn. Wọ́n rí i pé oṣù 3.8 ni àwọn tó yá jù ń dá jókòó, oṣù 9.2 sì ni àwọn tó pẹ́ jù nínú àwọn tí ara wọn dá. Bí ẹ bá lo oṣù mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọmọ yìí ti kọjá àkókò, ẹ ó sì kó ìpayà bá ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá lo oṣù mẹ́jọ tó tọ́ sí i, àkókò ṣì wà fún un. Ohun tí ó ń ṣe báyìí, fífi ọwọ́ tilẹ̀ jókòó, ni ìpele tó ṣáájú dídá jókòó gan-an. Mo gbé e dúró, mo di abíyá rẹ̀ mú, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dọ́gba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le gan-an bí igi, kò sì ta ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí àlùmọ́gàjí.

Ìyá tó bá sọ fún yín pé ọmọ òun kò rá, ẹ má fi ìyẹn nìkan dẹ́rù bà á. Nínú ìwádìí yẹn náà, àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rárá kí wọ́n tó rìn. Èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dúró-ná ni ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tí kò wá lè ṣe é mọ́: ó ti jókòó rí, kò jókòó mọ́, ó ti ń sọ "bàbà", ó ti dákẹ́. Ní ọjọ́ orí èyíkéyìí, dókítà gbọ́dọ̀ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta nípa ìbí rẹ̀, nítorí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni: ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀, ṣé ibà pọ́njú ṣe é tí ojú àti ara rẹ̀ fi pọ́n, ṣé gìrì ti gbé e rí? Ibà pọ́njú tó le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè ba etí jẹ́, ó sì lè ba agbára láti darí ara jẹ́. Tiwa ké, ara rẹ̀ pọ́n díẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ iná fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fi sùúrù yẹ etí rẹ̀ wò.

Súwẹ́tà tó ṣe bí oṣù kan

Síkéèlì tí a ń so rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ibùdó ń lò, èyí tó ní ṣòkòtò tí ọmọ ń wọ̀ sí. Ẹ so ó mọ́ ibi tó dúró ṣinṣin, kí ojú rẹ̀ bá ojú yín dọ́gba. Ẹ so ṣòkòtò òfìfo mọ́ ọn, kí ẹ wá yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí òdo. Bí ẹ bá yí i sí òdo kí ẹ tó so ṣòkòtò, ìwúwo ṣòkòtò ti wọ inú ìwúwo gbogbo ọmọ tí ẹ máa wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀, ẹ so nǹkan tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ dájú, bí òkúta ìwọ̀n kílò márùn-ún, kí ẹ rí i bóyá márùn-ún náà ni yóò sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ̀n ọmọ wa pẹ̀lú súwẹ́tà, nítorí ọyẹ́, ó sì ka kílò 6.7. Mo ní kó bọ́ gbogbo rẹ̀. Súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ìlẹ̀dí tó ti kún fún ìtọ̀. Ó tún un wọ̀n: kílò 6.4. Gíráàmù 300 ló ti lọ síbẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ti pọ̀ tó, ọmọbìnrin tó wà lórí ìlà àárín jẹ́ kílò 7.6 ní oṣù méje, ó sì jẹ́ kílò 7.9 ní oṣù mẹ́jọ. Aṣọ yẹn nìkan ti fún ọmọ ní ìdàgbà oṣù kan tí kò ní.

Òtútù kì í ṣe ẹ̀tàn o, mo mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe máa ń rí lórí àwọn òkè wa. Ẹ ti fèrèsé, kí ìyá fi ìró bo ọmọ títí ẹ ó fi ṣetán, kí ẹ sì ṣe é kíákíá. Bí ìyá bá kọ̀ délẹ̀ pé òun kò ní bọ́ ọ, ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wọ̀n irú aṣọ yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ dúró kí abẹ́rẹ́ má mì mọ́ kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Gígùn, apá, ẹsẹ̀

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, dídùbúlẹ̀ ni a ń wọ̀n ọ́n, lórí pákó ìwọ̀n, ẹni méjì ló sì ń ṣe é. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú kó kan pákó òkè, kí ojú ọmọ máa wo òrùlé tààrà. Ẹnì kejì fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ kejì ti pákó ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan gìgísẹ̀ méjèèjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Èkejì ni irun dídì: bí wọ́n bá di irun ọmọbìnrin jọ sí àtàrí, ẹ tú u tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65.5. Láti ọdún méjì sókè, ìdúró ni. Bí ó bá di dandan kí ẹ wọ̀n ọmọ ọdún méjì sókè ní ìdùbúlẹ̀, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 0.7 kúrò, nítorí ara máa ń gùn sí i díẹ̀ nígbà tí a bá dùbúlẹ̀.

Okùn ìwọ̀n apá wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Apá òsì ni. Ẹ ká apá náà, kí ẹ wá àárín méjì láti ṣóńṣó èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ fi àmì sí i, kí ẹ wá na apá náà kó rọ̀ wálẹ̀ kí ẹ tó fi okùn yí i. Okùn náà kò gbọdọ̀ fún ẹran ara pọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi àyè sílẹ̀. Bí kò bá tó mílímítà 115, pupa ni, àìjẹunrekánú tó le koko nìyẹn. Láti 115 títí dé ibi tí kò tíì tó 125, àwọ̀ ìyeyè ni. Tiwa jẹ́ 128. Àwọ̀ ewé. Mo wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mo gbé e kúrò, kò sí ihò tó kù níbẹ̀. Bí ihò bá wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, àìjẹunrekánú tó le koko ni, ohun yòówù kí síkéèlì sọ, torí omi ló ń wúwo lára rẹ̀.

Ìlà, kì í ṣe àmì kan

Káàdì tí a ń fa ìlà sí yìí kò ti òkèèrè jìnnà wá. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí tiwa. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ káàdì ìdàgbà tó fi lé àwọn ìyá lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Ohun tí káàdì náà wà fún nígbà yẹn ni kí ènìyàn lè rí ọmọ tó ń lọ sínú ewu kó tó dé inú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àmì sí ti ọmọ yìí. Ìwé ìlà àwọn ọmọbìnrin ni kí ẹ mú, nítorí ti ọkùnrin ga ju tiwọn lọ. Ìlà aláwọ̀ ewé ni ìlà àárín. Ìlà pupa tó wà nísàlẹ̀ ni −2, dúdú tó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni −3. Ìlà −1 wà láàárín àwọ̀ ewé àti pupa.

Kílò 2.1 ni wọ́n bí i. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó jẹ́ ọjọ́ tí ọjọ́ orí àtúnṣe rẹ̀ wà ní òdo, ó jẹ́ kílò 3.0. Ní ọ̀sẹ̀ 10, kílò 3.9. Ní ọ̀sẹ̀ 14, nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ń lọ sí oṣù méjì, kílò 4.7. Bí ẹ bá so àwọn àmì mẹ́ta yẹn pọ̀, ìlà náà ń gòkè láàárín −1 àti ìlà àárín, ó sì dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àmì kankan mọ́ títí di òní. Nínú ètò àjẹsára wa, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14, abẹ́rẹ́ tó tún kù jẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án. Ohun tó wà láàárín ni fítámì Éè oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ìyá kì í sì wá fún un torí kì í ṣe abẹ́rẹ́. Káàdì á wá dákẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù márùn-ún, àwọn oṣù yẹn gan-an sì ni ọmú ìyá nìkan kì í tó mọ́, tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, tí ìyá padà sí ọjà tàbí oko. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí káàdì, ibi tó ṣófo yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Òní, kílò 6.4 ní oṣù mẹ́jọ. Ìlà −2 ní oṣù mẹ́jọ jẹ́ 6.3, nítorí náà kò tíì bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi oṣù mẹ́sàn-án wò ó, níbi tí −2 ti jẹ́ 6.5, ẹ ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwúwo rẹ̀ kò tó. Ọjọ́ orí tí a tún ṣe ti gbà á lọ́wọ́ orúkọ tí kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà so 4.7 pọ̀ mọ́ 6.4, kí ẹ sì wo ibi tó gbà. Ó ti já ìlà −1 kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí −2. Ọmọ tó bá ń tọ ìlà −1 yóò ti kúrò ní 4.5 bọ́ sí 7.0 láàárín oṣù méjì sí mẹ́jọ, ìyẹn kílò 2.5. Tiwa fi kílò 1.7 kún un. Bí ẹ bá fi òní nìkan wò ó, kò tíì wọ inú àìjẹunrekánú: apá dára, gígùn rẹ̀ wà láàárín −2 àti −1, ìwúwo rẹ̀ sí gígùn náà wà láàárín wọn. Àmọ́ ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ kò dára. Lórí ìwé mi, mo kọ ọ́ pé: "Ìwúwo lókè −2, ìlà ti já −1, ìdàgbà ti falẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 14." Ẹ má kọ "ó wà dáadáa" láé sí ẹ̀gbẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Àmì kan tó jáde lójijì, tó ga tàbí tó wálẹ̀ jù, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó gbà á gbọ́. Òun ló fà á tí mo ṣe bínú sí súwẹ́tà yẹn: pẹ̀lú 6.7, ìlà náà kì bá tí jọ ohun tó ń wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí káàdì dákẹ́?

Ẹ má fi ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀. Mo yí káàdì sí ìyá rẹ̀, mo fi ìka tọ ìlà náà, mo ní, "Màmá Ìbùkún, ẹ wo bó ṣe ń gòkè níbí. Ẹ ṣe dáadáa gan-an. Níbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Kí ló yí padà nílé lákòókò yẹn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun padà sí ìsọ̀ òun ní ọjà nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́rin, òun sì ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Alẹ́ nìkan ni ó ń mu ọmú. Lọ́sàn-án, ògì. Mo béèrè bí ògì náà ṣe ki tó. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ṣe ń ṣàn láti inú kọ́ọ̀bù, torí inú ìgò ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ṣúgà lọ. Inú rẹ̀ sì ti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní eyín ló ń yọ, wọ́n sì dá oúnjẹ dúró fún un.

Ìdí náà ti hàn. Ikùn ọmọ kéré. Omi ògì á kún un kí oúnjẹ tó tó wọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe ti eyín, ìgò tí a kò lè fọ̀ mọ́ dé ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ sọ nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá á mi orí sí gbogbo rẹ̀, kò sì ní rántí ọ̀kan tó bá délé. Mo mú mẹ́ta péré. Èkíní, ògì kó ki débi pé tí a bá da ṣíbí dé, kò ní ṣàn dànù. Kí a fi ṣíbí àti abọ́ fún un, kí a gbé ìgò kúrò. Èkejì, nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀: ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tàbí edé gbígbẹ tí a lọ̀, tàbí ẹyin tí a sè jinná, tàbí ẹ̀wà tí a rún tí a yọ èèpo rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí epo pupa kékeré kan. Kò sí èyí tí kò sí ní ọjà Èkìtì nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, títí dé ìdajì kọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa mu ọmú láàárọ̀ kí ìyá tó jáde, ní ìrọ̀lẹ́, àti lóru. Ẹ̀kẹta, bí inú bá ṣí, ẹ má dá oúnjẹ dúró; ẹ fi omi iyọ̀ òun ṣúgà inú pákẹ́ẹ̀tì àti oògùn síńkì tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e wá.

Mo wá ní kí ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún mi. Èkejì ni ó gbàgbé, a tún un sọ. Mo sì ní, "Tí ó bá rọrùn, ẹ mú Màmá àgbà wá lọ́jọ́ míì." Ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó funfun díẹ̀. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù kò gba irin tó pọ̀ láti inú ìyá kí ó tó jáde, nítorí náà mo fi í ránṣẹ́ sí dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọjọ́ tó ń padà bọ̀

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí ó wá fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Lẹ́yìn oṣù kan, ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní, kí a tún wọ̀n ọ́n, síkéèlì kan náà, láìsí aṣọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí sílẹ̀ lónìí, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà má bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ní oṣù mẹ́sàn-án àtúnṣe, ìlà −2 ti di 6.5. Bí ó bá fi kìkì gíráàmù 100 kún un, ó ti kan ìlà pupa, oúnjẹ nìkan kò sì tó mọ́ láti dá lẹ́bi: kí dókítà wá ikọ́ tó pẹ́, àìsàn ọkàn, àrùn kòkòrò HIV, tàbí ibà tí kò lọ. Bí ó bá jẹ́ 6.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà rẹ̀ ti ń yíjú sókè.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ tún gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Bí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án ààbọ̀ àtúnṣe tí kò tíì dá jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìfọwọ́ tilẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́, ẹ má fi òmíràn kún sùúrù yẹn. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ sọ fún ìyá àti ìyá àgbà pé kí wọ́n má pọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́. Kí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí wọ́n gbé ṣíbí síwájú rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ tó o, kí wọ́n jẹ́ kó nawọ́ sí i.

Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ. Ìyá rẹ̀ wọ súwẹ́tà fún un padà, ó pọ̀n ọ́n, ó sì fi káàdì náà há ìró.